Owó oṣù ńlá àbí ọ́pṣọ̀n: bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ láìtan ara ẹni jẹ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ méjì wá bá mi nílé ní Bódìjà. Iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ti pẹ́ nílùú Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà, wọ́n sì fẹ́ máa san 1,200,000 náírà fún un lóṣù. Iléeṣẹ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni, wọ́n ń ṣe ètò ìsanwó orí fóònù fún àwọn ọlọ́jà. 800,000 náírà ni tiwọn lóṣù, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ́pṣọ̀n 15,000 kún un, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ìpín iléeṣẹ́ náà.

Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ti bá a ṣírò rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní olùdókòwò tó wọlé kẹ́yìn ra ìpín kọ̀ọ̀kan ní dọ́là méjì. Ọ̀nà 15,000 dọ́là méjì jẹ́ 30,000 dọ́là, bí a bá sì ṣẹ́ ẹ ní 1,500 náírà sí dọ́là kan, ó di mílíọ̀nù 45 náírà.

Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, mílíọ̀nù 45! Kí wá ni 400,000 tí mo máa fi sílẹ̀ lóṣù?"

Mo ní kó jókòó, kó mú ìwé àti kálámù. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo ń ṣe, mo sì ti bá iléeṣẹ́ tó ń fún òṣìṣẹ́ ní ọ́pṣọ̀n ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí a jọ ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tò síbí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí ẹni tó bá wà ní irú oríta bẹ́ẹ̀ lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò tiwa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí wọ́n fún yín gan-an

Ọ́pṣọ̀n kì í ṣe ìpín, kì í sì í ṣe owó. Ẹ̀tọ́ ni, ẹ̀tọ́ láti ra ìpín iléeṣẹ́ ní iye kan tí wọ́n ti dá mọ́lẹ̀ lónìí, bó bá wù yín, lọ́jọ́ iwájú. Ní ti ọmọ wa yìí, 40 sẹ́ǹtì ni iye tí wọ́n dá lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí ìpín bá di dọ́là márùn-ún lọ́la, 40 sẹ́ǹtì náà ló máa rà á. Bí ó bá já sí 10 sẹ́ǹtì, kò sí ìdí kankan tó fi máa rà á, ọ́pṣọ̀n náà di ìwé lásán nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò orí fóònù yẹn gbójú fò. Kó tó rí 30,000 dọ́là, ó ní láti kọ́kọ́ san 40 sẹ́ǹtì ní ọ̀nà 15,000, ìyẹn 6,000 dọ́là. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni owó yẹn ti máa jáde.

Kì í sì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa di tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń pín in: ẹni tó bá kúrò kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé kò ní rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí ọdún kan bá pé, ìdá kan nínú mẹ́rin máa di tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù á wá máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta.

Ohun kékeré méjì kí n tó kọjá. Àkọ́kọ́, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í fúnni ní ọ́pṣọ̀n. Ó kàn ń ṣèlérí pé wọ́n máa gbé e síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí ni. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i ni wọ́n máa dá iye owó ìrà, ó sì lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ fún yín. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jókòó. Èkejì, ẹ béèrè iléeṣẹ́ tó ni ìpín náà. Ọ̀pọ̀ nínú irú iléeṣẹ́ wọ̀nyí ló ní ìyá iléeṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, tí èyí tó wà ní Nàìjíríà sì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá yẹn ni àwọn olùdókòwò ń kówó sí, òun náà ni wọ́n máa ń tà. Bó bá jẹ́ ti ọmọ ni wọ́n fún yín, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ka nǹkankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bá wọn wá ìsàlẹ̀ ìdá náà

15,000 kò túmọ̀ sí nǹkankan fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun fún yín ní ẹran mẹ́ta nínú màlúù, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni iye tí wọ́n gé màlúù náà sí.

Gbogbo ìpín iléeṣẹ́ náà ni kí ẹ béèrè: ti àwọn olùdásílẹ̀, ti olùdókòwò, ti òṣìṣẹ́, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọn ò tíì gbà. Bí wọ́n bá sọ èyí tó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn nìkan, ìdá tiyín máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ wa kọ ìwé sí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn: mílíọ̀nù 10 ni gbogbo rẹ̀. 15,000 nínú mílíọ̀nù 10 jẹ́ ìdá 0.15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń sọ pé àṣírí ni. Èrò tèmi lórí èyí kò yí padà láti ọjọ́ tó ti pẹ́: iléeṣẹ́ tó ní kí ẹ fi owó oṣù yín ra nǹkan lọ́wọ́ òun, tí kò sì jẹ́ kí ẹ mọ ìwọ̀n ohun tó ń tà, ẹ fi òdo sí ẹ̀gbẹ́ ọ́pṣọ̀n rẹ̀. Owó oṣù nìkan ni kí ẹ fi wé owó oṣù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka iye tí ẹ ń fi sílẹ̀ ní tòótọ́

Apá ibí yìí ló dájú jù, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn kì í kà dáadáa. 400,000 ni ìyàtọ̀ àárín owó oṣù méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa dé ọwọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí bọ́ sábẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, apá kan bọ́ sábẹ́ ìdá 21. Nígbà tí a yọ ti owó ìfẹ̀yìntì kúrò kí a tó ṣírò owó orí, ìjọba máa mú bíi 70,000 nínú rẹ̀ lóṣù.

Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì náà tún dá nǹkan padà. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, kí agbanisíṣẹ́ sì dá ìdá 10, ó kéré tán, lórí owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ìdá 8 tòun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ owó rẹ̀, ibòmíràn ló kàn wà. Ìdá 10 ti ọ̀gá sì jẹ́ àfikún: bí gbogbo 400,000 yẹn bá wà lára ohun tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé, 40,000 nìyẹn lóṣù. Nítorí náà, ohun tó ń fi sílẹ̀ gan-an jẹ́ 370,000 lóṣù.

Nígbà tó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń ka ọ́pṣọ̀n, a ṣẹ́ èyí náà sí dọ́là: bíi 247 lóṣù. Bó bá ń fi í pamọ́ síbi tó ti ń rí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ó máa di bíi 13,000 dọ́là lópin ọdún mẹ́rin.

Ẹnì kan lè sọ pé náírà lè tún jábọ́, owó oṣù náà á sì dín kù tí a bá fi dọ́là wò ó. Òótọ́ ni, ó sì gbe ọ́pṣọ̀n díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, nítorí ìjábọ́ náírà kan náà ló gba tèmi lọ́wọ́ mi, mo máa tó débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ló ń kọ́kọ́ gbà?

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ta iléeṣẹ́, kì í ṣe pé wọ́n kàn máa pín owó náà bí ìpín olúkúlùkù bá ṣe pọ̀ tó. Ìpín tí àwọn olùdókòwò rà kì í ṣe irú tiyín. Tiwọn ní ẹ̀tọ́ àkọ́gbà: owó tí wọ́n kó sílẹ̀ máa kọ́kọ́ padà sọ́wọ́ wọn pé pérépéré, kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan nǹkankan. Lẹ́yìn náà, olùdókòwò kọ̀ọ̀kan lè yàn: bó bá rí i pé òun máa rí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òun bá jọ pín in pẹ̀lú gbogbo ènìyàn, ó lè fi àkọ́gbà sílẹ̀ kó sì wá pín in. Ó dà bí olórí ẹbí tó máa kọ́kọ́ mú itan màlúù kí wọ́n tó pín ìyókù fún ọmọ ilé. Bí màlúù bá tóbi, gbogbo ilé á jẹ. Bó bá jẹ́ àgbébọ̀ adìẹ ni wọ́n pa, itan ni gbogbo rẹ̀.

Dọ́là méjì tí wọ́n fi ṣírò ọ́pṣọ̀n ọmọ wa jẹ́ iye ìpín tó ní ẹ̀tọ́ àkọ́gbà. Tirẹ̀ kò ní in. Ìdí nìyẹn tí iye owó ìrà rẹ̀ fi jẹ́ 40 sẹ́ǹtì: iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti pe ẹni tó ń díyelé nǹkan, ẹni yẹn sì sọ pé ìpín lásán kò tó dọ́là méjì. Àwọn náà mọ̀.

Àwọn olùdókòwò ti kó mílíọ̀nù 6 dọ́là sílẹ̀, ìpín mílíọ̀nù 3 ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Mílíọ̀nù 7 tó kù jẹ́ ti àwọn olùdásílẹ̀ àti òṣìṣẹ́. Irú iléeṣẹ́ báyìí kì í dá dúró lórí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún máa wá owó. A fojú bù ú pé lẹ́ẹ̀mejì ni: wọ́n á gba mílíọ̀nù 6 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba mílíọ̀nù 10 lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì fi ìdá 20 nínú iléeṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa tẹ ìpín tuntun jáde, àpapọ̀ ìpín á sì kúrò ní mílíọ̀nù 10, á di mílíọ̀nù 15.6. Tirẹ̀ ṣì jẹ́ 15,000, ṣùgbọ́n ìdá 0.15 ti sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 0.096. Owó tó ní ẹ̀tọ́ àkọ́gbà náà sì ti gòkè láti mílíọ̀nù 6 dé mílíọ̀nù 22.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ta iléeṣẹ́ náà.

Bí wọ́n bá tà á ní mílíọ̀nù 20 dọ́là, ìyẹn ìpín mílíọ̀nù 10 ní dọ́là méjì méjì, iye gan-an tí wọ́n ń yangàn pé ó tó lónìí, kò sí nǹkankan fún òṣìṣẹ́. Àkọ́gbà jẹ́ mílíọ̀nù 22, owó kò tilẹ̀ tó wọn. Ọmọ náà wo ojú mi nígbà tí mo kọ òdo sílẹ̀. Ó béèrè bóyá mo ṣàṣìṣe. Mo ní kó tún un kà fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá tà á ní mílíọ̀nù 30, olùdókòwò mú 22, ó ku 8. Wọ́n pín mílíọ̀nù 8 sórí ìpín mílíọ̀nù 7 ti olùdásílẹ̀ àti òṣìṣẹ́, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là kan àti 14 sẹ́ǹtì. Ọ̀nà 15,000 jẹ́ bíi 17,140. Ẹ yọ 6,000 owó ìrà, ó ku 11,140.

Bí wọ́n bá tà á ní mílíọ̀nù 60, ó ti ju iye tí olùdókòwò tó gbẹ̀yìn rà á lọ, nítorí náà gbogbo wọn fi àkọ́gbà sílẹ̀, wọ́n jọ pín in. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 3.84. Tirẹ̀, lẹ́yìn owó ìrà, jẹ́ 51,600. Ní mílíọ̀nù 120, 109,200 ni.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn: ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni olùdókòwò máa gba owó rẹ̀ padà, àbí ó máa gbà á tán kó tún wá bá àwọn ènìyàn pín ìyókù? Irú èkejì wà, ó sì burú fún òṣìṣẹ́ gan-an. Ti ọmọ wa jẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iye wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ tà á kí n tó rí owó mi padà?

Bó bá jẹ́ pé ìṣirò kan péré ni ẹ máa ṣe, ẹ ṣe èyí. Òun ló máa ń là mí lójú jù.

13,000 dọ́là ló ń fi sílẹ̀. Kó tó rí iye yẹn lórí ọ́pṣọ̀n, ó gbọ́dọ̀ rí 13,000 pẹ̀lú 6,000 owó ìrà, ìyẹn 19,000. Pín in sórí 15,000, ìpín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó dọ́là 1.27. Ọ̀nà mílíọ̀nù 7 jẹ́ bíi mílíọ̀nù 8.9, fi mílíọ̀nù 22 ti àkọ́gbà kún un, ó di mílíọ̀nù 31.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ tí wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù 20 lónìí gbọ́dọ̀ di èyí tí ẹnì kan máa fi mílíọ̀nù 31 owó gidi rà, kí ọmọ yìí tó kàn rí ohun tí Dùgbẹ̀ ìbá ti san fún un láìsí ewu. Ó yẹ kí ẹ lè dáhùn ìbéèrè yìí: ta ló máa ra iléeṣẹ́ yìí ní iye yẹn, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe? Gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ Paystack, tí Stripe rà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n ní owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye irú rẹ̀ tí ẹ lè dárúkọ láìsinmi, kí ẹ sì ka iye iléeṣẹ́ tuntun tí ẹ mọ̀ pé ó ti pa ilẹ̀kùn dé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi àǹfààní wọ̀n ọ́n

Ẹ má ṣe mú èyí tó dára jù lọ nìkan. Ẹ rò pé ogún iléeṣẹ́ tó dà bí èyí ló wà níwájú yín, kí ẹ wá pín wọn. Èyí tí a jọ fi ojú bù rèé, ojúbù ni lóòótọ́, tiyín lè yàtọ̀: 14 nínú ogún kò ní fún òṣìṣẹ́ ní nǹkankan, bóyá wọ́n kógbá sílé tàbí wọ́n tà wọ́n lọ́pọ̀. Mẹ́ta máa tà ní mílíọ̀nù 30, méjì ní 60, ọ̀kan ní 120. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà báyìí:

```
=(14*0 + 3*11140 + 2*51600 + 1*109200)/20
```

Ó máa gbé 12,291 jáde. Ó sún mọ́ 13,000, àbí? Ọkàn ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun méjì ṣì kù.

Àkọ́kọ́ ni ìdúró. Òpin ọdún kẹrin ni a ka 13,000 sí. Títa iléeṣẹ́ lè di ọdún keje. Bí owó bá lè mú ìdá 5 wá lọ́dún níbòmíràn, 12,291 tó máa dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí i kò ju bíi 10,600 lọ. Èkejì ni èyí tó dùn mí jù láti kọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀

Ní ọdún 2021, mo wọ iléeṣẹ́ tuntun kan, mo sì gba owó oṣù tó kéré nítorí ọ́pṣọ̀n. Nígbà tí mo fi kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, 12,000 ti di tèmi, 25 sẹ́ǹtì ni owó ìrà ọ̀kọ̀ọ̀kan. 3,000 dọ́là ni mo ní láti san. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, nǹkan bí 410 náírà ni báǹkì ń ṣẹ́ dọ́là, owó náà kò ju 1,230,000 lọ, mo sì ti sọ lọ́kàn mi pé màá rí i san. Àmọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, ó sì ń já lọ. Nígbà tí mo ń jáde, dọ́là ti di bíi 1,500. Owó ìrà mi ti di 4,500,000 náírà, bẹ́ẹ̀ náírà ni mo ti ń gba owó oṣù láti ọjọ́ yìí wá.

90 ọjọ́ ni ìwé àdéhùn fún mi. Mo gbìyànjú. Mo gba àjọ tí mo ń dá ní Mọ́kọ́lá ṣáájú àkókò, mo tọrọ lọ́wọ́ àbúrò mi. Kò pé. Ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún pé, gbogbo ọ́pṣọ̀n mi padà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́. Mi ò rí ẹnikẹ́ni bínú sí, mo ti fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ààbọ̀ tí mo fi gba owó kékeré, owó yẹn ti lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà rèé, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. 90 ọjọ́ yẹn kò wá láti ọ̀run. Òfin owó orí Amẹ́ríkà ló ní pé òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní owó orí kan báyìí lórí ọ́pṣọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ rà á láàárín oṣù mẹ́ta tó bá kúrò níṣẹ́. Àwọn lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, gbogbo iléeṣẹ́ sì ń da ìwé kan náà kọ. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, tí kò san owó orí ní Amẹ́ríkà, kò rí àǹfààní kankan jẹ nínú òfin yẹn. Ìyà rẹ̀ nìkan ló ń jẹ. Nítorí náà, ẹ lè ní kí wọ́n fi kún ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ olùdarí lágbára láti ṣe é, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é.

Fún ọmọ wa, ìyẹn ló mú kí n tún fi ọ̀bẹ sí iye náà. Ibi iṣẹ́ méjì tó ti ṣe, kò ju ọdún mẹ́ta lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe gan-an kó ti kúrò kí wọ́n tó ta iléeṣẹ́, kó wá rí 90 ọjọ́ láti wá 6,000 dọ́là sórí nǹkan tí kò tíì mọ̀ bóyá ó máa tà. Mo ní ká pín 10,600 sí méjì, nítorí mi ò gbà pé àǹfààní pé ó máa rí i san ju ìdajì lọ. 5,300 dọ́là. Lójú òótọ́, mílíọ̀nù 45 tó gbé wá ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ, tí ohun tó ń fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 19 ààbọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ padà lọ bá wọn

Ìṣirò yìí kì í ṣe láti fi sọ pé rárá. Ó jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa béèrè. Mo ní kó kọ ìwé sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó má bẹ̀bẹ̀, kó má sì halẹ̀: pé òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, pé òun ti ṣírò rẹ̀, pé ohun mẹ́ta ló kù. Kí ìyàtọ̀ owó oṣù dín kù, kí ọ́pṣọ̀n pọ̀ sí i, kí 90 ọjọ́ sì gùn. Ẹ̀kẹta ni mo ní kó dúró lé jù.

Mo tún ní kó béèrè iye oṣù tí owó tó wà nílẹ̀ lè gbé iléeṣẹ́ náà dé. Bí wọ́n bá ní kò tó ọdún kan, ó lè jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ òun gan-an kò ní pé kí wàhálà tó dé, kò sì ní rí ọ́pṣọ̀n kan ṣoṣo. Wọ́n ní oṣù 20.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. 900,000 náírà lóṣù, ọ́pṣọ̀n 20,000, àti ọdún mẹ́ta láti ra ìpín bó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì kó tó kúrò. A tún jókòó. Ìyàtọ̀ owó oṣù ti di 300,000, ohun tó ń fi sílẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 9,800 dọ́là. Ọ́pṣọ̀n, pẹ̀lú ogún iléeṣẹ́ wa kan náà àti ìdúró ọdún mẹ́ta kan náà, jẹ́ bíi 14,100. Nítorí ọdún mẹ́ta tí wọ́n fún un, a kò pín in sí méjì mọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo yọ: ó ku bíi 10,600.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo sọ fún un pé ìṣirò ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ níbí, kó wá wo ara rẹ̀. Ṣé 900,000 máa gbé e, bí ọ́pṣọ̀n náà bá tilẹ̀ jẹ́ òdo, tí í ṣe ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú 14 nínú ogún? Ó ka owó ilé rẹ̀ ní Àkóbọ̀, epo ọkọ̀, àti ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù. Ó gbé e. Bó bá jẹ́ pé ó ní ọmọ méjì nílé ìwé, ǹ bá ní kó gba Dùgbẹ̀ láìjanpata.

Ó gba ti iléeṣẹ́ tuntun. Kó tó jáde, mo ní kó ṣe ohun méjì. Kó kọ ọjọ́ tí ọdún àkọ́kọ́ máa pé sórí kàlẹ́ńdà ògiri rẹ̀, kí ìbínú kankan lóṣù kẹwàá tó ti wà níbi iṣẹ́ má bàa mú un jáde kí ọdún náà tó pé. Kó sì ṣí àkáùntì dọ́là ní báǹkì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kó máa fi 100 dọ́là síbẹ̀ lóṣooṣù, kó kọ ọ́ sí i lórí pé "owó ìrà". 8,000 ló máa nílò bí gbogbo rẹ̀ bá di tirẹ̀. Kò ní tó tán lópin ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó máa ti kọjá ìdajì, dọ́là ló sì máa jẹ́.